Ìdí tí àkójọ ìwé ìtọ́kasí fi ń wọ́ tó bá kan [10]

Nínú ìwé ìwádìí oyè tó ń fi nọ́ńbà tọ́ka sí ìwé, àkójọ tó wà lẹ́yìn máa ń tò gún régé láti [1] dé [9]. Bó bá ti kan [10], ọ̀rọ̀ ìlà àkọ́kọ́ á ṣàdédé fò lọ sápá ọ̀tún, ìlà kejì á sì dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Backspace. Kò lè tán bẹ́ẹ̀, nítorí àyè tó wà fún nọ́ńbà ló kéré.

Bí Microsoft Word bá fúnra rẹ̀ to nọ́ńbà, nọ́ńbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì 0.25, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ ní 0.5. Àyè àárín wọn jẹ́ pọ́íǹtì 18. Nínú Times New Roman oníwọ̀n 12, àkámọ́ kọ̀ọ̀kan gba pọ́íǹtì 4, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba 6. [1] gba 14, ó wọlé. [10] gba 20, ó ti kọjá àlà, ni ọ̀rọ̀ bá fò lọ síbi ìdúró Tab tó kàn, ìyẹn íǹṣì 1.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi apá ọ̀tún máòsì tẹ nọ́ńbà náà gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì mú Adjust List Indents. A ó fi 0 sí Number position, 0.5 sí Text indent at, a ó sì fi Follow number with sílẹ̀ ní Tab character. Àyè ti di pọ́íǹtì 36 nìyẹn. [100] tó gba 26 pàápàá á wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Àkójọ tí kò ní nọ́ńbà kò nílò wàhálà yìí: Ctrl+T ti tó láti mú kí ìlà kejì wọnú.

Ti àlàfo ìlà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléèwé ń fẹ́ kí ìlà inú ìtọ́kasí kan sún mọ́ra, kí àlàfo wà láàárín ìtọ́kasí kan sí èkejì. Nínú Paragraph, a ó mú Single, a ó sì fi 12 pt sí After. Bí àlàfo náà bá kọ̀ tí kò yọ, kí a wo àpótí Don't add space between paragraphs of the same style. Àmì máa ń wà nínú rẹ̀ fún List Paragraph, òun ló ń gbé àlàfo náà mì. Kí a yọ àmì náà kúrò. Ẹni tó bá fi Enter dá àlàfo náà á kàn rí i tí ìlà òfìfo jókòó sókè ojú ewé tuntun.

Ó ku nọ́ńbà ìtọ́kasí tó wà nínú àwọn orí ìwé ìwádìí náà. Èyí tí a fọwọ́ tẹ̀ kì í yí padà bí a bá fi ìwé tuntun há àárín [4] àti [5]. Cross-reference ni kí a fi mú un wọlé, lábẹ́ Numbered item, pẹ̀lú Paragraph number. Lẹ́yìn àtúnṣe gbogbo, a ó tẹ Ctrl+A, lẹ́yìn náà F9, kí wọ́n tó yí.