Yíyí sẹ́ẹ̀lì sí Number kò sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà o

Tí fọ́múlà bá ti ń gbé #VALUE! jáde lẹ́yìn tí ẹ ti kó détà láti ibi mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ sínú ṣíìtì kan, ohun àkọ́kọ́ tí èèyàn máa sọ fún yín ni pé ẹ lọ sí Format Cells, ẹ mú Number, ẹ tẹ OK, ó tán. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti ń lo Excel fún ọdún mẹ́wàá, èmi náà sì gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Format Cells kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì rárá, bí nọ́ńbà ṣe máa hàn lójú nìkan ló ń yí padà. Aṣọ ni. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn, tí ẹ bá wọ aṣọ nọ́ńbà fún un, ọ̀rọ̀ náà ló ṣì jẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí rọ̀ mọ́ èèyàn ni pé ó máa ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ nígbà míì. Ẹ ti yí fọ́máàtì padà sí Number, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ wá tẹ F2 lórí sẹ́ẹ̀lì yẹn láti wò ó, ẹ tẹ Enter, nọ́ńbà wá sún sí apá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan náà ló di nọ́ńbà gidi. Ẹ ó rò pé fọ́máàtì yẹn ló ṣe é. F2 àti Enter ló jẹ́ kí Excel tún ohun tó wà níbẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni, àti pé fọ́máàtì ibẹ̀ kì í ṣe Text mọ́, ìdí nìyẹn tó fi kà á sí nọ́ńbà. Ta ló sì máa ṣe F2 àti Enter fún ẹgbẹ̀rún méjì ìlà?

Ohun míì tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Tó bá jẹ́ pé 1250 lásán ni ọ̀rọ̀ yẹn, tí kò sí nǹkan míì tó lẹ̀ mọ́ ọn, Excel kì í gbé #VALUE! jáde tí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àmì * tàbí tí ẹ fi + ro ó pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa kà á bíi nọ́ńbà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nítorí náà tí #VALUE! bá ti jáde, ó ń sọ fún yín pé ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn tí òun ò lè kà bíi nọ́ńbà bó ti wù kó gbìyànjú tó. Ìyẹn ni ká wá, ká fi fọ́máàtì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan wò. Kọ́lọ́ọ̀mù B jẹ́ ìwọ̀n ẹrù ní kílò, C jẹ́ iye ìgbà tí wọ́n gbé e, ó sì jẹ́ 2 fún gbogbo ìlà, D wá jẹ́ B lọ́nà C. Kọ̀ǹpútà tá a ń lò máa ń fi dọ́ọ̀tì pín nọ́ńbà kéékèèké, ó sì máa ń fi kọ́mà ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Ìlà 2 àti 3 la fọwọ́ ara wa tẹ̀, 300 àti 450, D fún wa ní 600 àti 900, kò sí wàhálà. Ìlà 4 la kọ́pì láti ojú ìwé kan lórí ayélujára, 1250 ló hàn níbẹ̀, àmọ́ D gbé #VALUE! jáde. Ìlà 5 wá láti fáìlì ibòmíì tí wọ́n ti ń lo kọ́mà níbi tí àwa ń lo dọ́ọ̀tì, 1.250,50 ló wà níbẹ̀, #VALUE! náà ni. Ìlà 6 ṣófo lójú, síbẹ̀ #VALUE! tún ni. Ìlà 7 wá láti fáìlì kan náà pẹ̀lú ìlà 5, wọ́n kọ 1.250 síbẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan àti igba ó lé àádọ́ta ni wọ́n ní lọ́kàn, àmọ́ 1.25 ló hàn lọ́dọ̀ tiwa, D sì dá 2.5 padà láìṣe àríwísí kankan.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà 4, torí òun ló ń da èèyàn láàmú jù. Ẹ wá sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣófo, ẹ tẹ èyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
=ISNUMBER(B4)
=LEN(B4)
=CODE(RIGHT(B4,1))
```

Àkọ́kọ́ máa sọ FALSE, ìyẹn ni pé kì í ṣe nọ́ńbà. Ìkejì máa sọ 5, nígbà tó sì jẹ́ pé mẹ́rin péré lẹ rí lójú. Ohun kan ló fara pamọ́ sẹ́yìn. Ìkẹta ló máa tú àṣírí ẹ̀, lórí Windows ó máa sọ 160. Àlàfo tá à ń fi báà gígùn tó wà lórí kíbọọ̀dù tẹ̀, 32 ni kóòdù tiẹ̀, àmọ́ 160 yìí jẹ́ àlàfo míì tí àwọn tó ń ṣe ojú ìwé ayélujára máa ń lò kí nọ́ńbà àti ohun tó tẹ̀ lé e má baà pínyà sí ìlà méjì. Lójú, àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Fún Excel, ọ̀tọ̀ ni wọ́n pátápátá. Tó bá jẹ́ 32 ló wà lẹ́yìn 1250, ì bá fò ó kọjá, ì bá kà á bíi nọ́ńbà.

Ibí ni ìmọ̀ràn kejì tí wọ́n máa ń fún èèyàn ti ń já sí asán, ìyẹn ni pé ẹ lo TRIM. TRIM 32 nìkan ló mọ̀. CLEAN náà ò ràn án, torí kóòdù 0 dé 31 ni òun ń kó dànù. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ fi odindi ọ̀sán kan lo TRIM lórí TRIM, ó wá bá mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gé e tán, síbẹ̀ kò gbọ́", mo ní kó ṣe LEN fún mi, iye náà ò sì dín kù látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa kó o kúrò nìyí, ẹ kọ ọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo, ẹ wá kọ́pì èsì rẹ̀, kẹ́ ẹ péésítì rẹ̀ bíi Values sórí B4:

```
=NUMBERVALUE(SUBSTITUTE(B4,UNICHAR(160),""),".",",")
```

SUBSTITUTE yọ àlàfo yẹn, NUMBERVALUE wá sọ ohun tó kù di nọ́ńbà, tí ẹ sì ń sọ fún un fúnra yín pé dọ́ọ̀tì ló ń pín nọ́ńbà kéékèèké, kọ́mà ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Excel 2013 sókè ló ní NUMBERVALUE àti UNICHAR. Tí ẹ ò bá fẹ́ fọ́múlà, ẹ kọ́kọ́ yí kọ́lọ́ọ̀mù yẹn sí General, ẹ wá tẹ Ctrl+H, nínú Find what ẹ di Alt mú kẹ́ ẹ tẹ 0160 lórí àwọn nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún kíbọọ̀dù, ẹ fi Replace with sílẹ̀ ní òfìfo, ẹ tẹ Replace All. General yẹn gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí tó bá ṣì jẹ́ Text, àlàfo á lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ló máa kù síbẹ̀. Ẹ rí i pé fọ́máàtì wúlò níbí, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́.

Ìlà 5 ò fi nǹkan pamọ́, ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà ìkọ̀wé ibòmíì ni. Ẹ yí àmì méjèèjì padà nínú fọ́múlà, ó máa fún yín ní 1250.5:

```
=NUMBERVALUE(SUBSTITUTE(B5,UNICHAR(160),""),",",".")
```

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fa fọ́múlà kejì yìí dé orí gbogbo ìlà. Tó bá bá nọ́ńbà gidi pàdé, ká ní 1250.5 tẹ́lẹ̀, ó máa ka dọ́ọ̀tì yẹn sí àmì ẹgbẹ̀rún, ó máa jù ú nù, ó máa dá 12505 padà, kò sì ní kígbe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n fi détà ibì kọ̀ọ̀kan sínú ṣíìtì tiẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe níbẹ̀, kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀, torí tí wọ́n bá ti dàpọ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè mọ ìlà tó wá láti ibo mọ́.

Ìlà 6, ẹ̀dá fọ́múlà tó ti dá "" padà níbi tó ti wá ni, ẹnì kan wá péésítì rẹ̀ bíi Values. Òfìfo ni lójú, LEN ẹ̀ sì jẹ́ 0, àmọ́ ISBLANK máa sọ FALSE. Ẹ mú un, ẹ tẹ Delete, D á di 0.

Ìlà 7 ló bà mí lẹ́rù jù, torí kò sí àṣìṣe kankan tó máa pe yín. Nígbà tí ẹ péésítì rẹ̀, Excel ti kà á sí 1.25, ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ ti lọ, kò sí fọ́múlà tó lè mọ̀ bóyá 1.25 tòótọ́ ni tàbí 1250. Ẹ gbọ́dọ̀ padà síbi tí ẹ ti mú un. Kẹ́ ẹ tó péésítì lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn di Text, kí ẹ sì péésítì ọ̀rọ̀ rẹ̀ lásán, á wọlé bó ṣe rí, ẹ wá lo fọ́múlà kejì lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ fáìlì CSV, ẹ gba inú Data, From Text/CSV, lọ sínú Power Query, ẹ kọ́kọ́ yọ ìgbésẹ̀ Changed Type kúrò tó bá ti wà níbẹ̀, kí ẹ yan Change Type, Using Locale, kí ẹ mú orílẹ̀-èdè tí fáìlì yẹn ti wá.

Ó ku IFERROR, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ló ń tún #VALUE! ṣe. Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Tí ẹ bá kọ =IFERROR(B2*C2,0) dé ìlà 7, gbogbo #VALUE! á pòórá, àpapọ̀ D á sì jẹ́ 1502.5. Tí ẹ bá tún détà ṣe bá a ṣe sọ yìí, àpapọ̀ kan náà jẹ́ 9001. SUM lórí B náà ò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń fo ọ̀rọ̀ kọjá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, 751.25 ló máa dá padà dípò 4500.5.

Èmi máa ń fi èyí sókè kọ́lọ́ọ̀mù kí n tó kọ fọ́múlà kankan:

```
=COUNTA(B2:B7)-COUNT(B2:B7)
```

Iye sẹ́ẹ̀lì tó ní nǹkan nínú tí kì í ṣe nọ́ńbà ló ń sọ. Nínú iṣẹ́ wa yìí, 3 ló máa sọ, ìlà 4, 5 àti 6. Tó bá ti di 0, #VALUE! ò ní í jáde látara B mọ́. Ìlà 7 ò sí nínú ìkà yẹn, torí nọ́ńbà ni lójú Excel, nítorí náà mo tún máa ń wo nọ́ńbà tó kéré jù nínú kọ́lọ́ọ̀mù pẹ̀lú MIN. 1.25 láàárín ẹrù tó ń wọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò, ojú á rí i.