Iná ọgbà kan, yàrá mẹ́rin: ṣé ká pín in ní dọ́gba ni, àbí ká ka mítà?

Mítà onítókìn kan ló wà fún gbogbo ọgbà. Onílé ló ń ra tókìn, òun ló sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Ó lè bu iye kan náà lé yàrá kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ó sì lè ka ohun tí oníkálukú lò.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, yúnìtì kan di ₦209.50 fún àwọn tó wà ní Báńdì A. Fi owó orí ọjà 7.5% kún un, ó ti tó ₦225. Ká ní yàrá mẹ́ta ń lo 40 yúnìtì lóṣù: gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n. Ìkẹrin ń lo 40 tirẹ̀, ó tún ní ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jẹ nǹkan bíi 0.8 yúnìtì ní wákàtí kan. Tó bá ń tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, 192 yúnìtì nìyẹn lóṣù. Àpapọ̀ ọgbà jẹ́ 352 yúnìtì, ìyẹn ₦79,200.

Tí wọ́n bá pín in dọ́gba, ₦19,800 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lo ₦9,000 péré ń san ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó lo ₦52,200 ń jẹ̀gbádùn, kò sì sídìí tó fi máa pa amúlétutù rẹ̀ nígbà tó bá ń jáde.

Onílé fẹ́ràn owó kan náà nítorí pé gbígbà rẹ̀ kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n gbogbo yúnìtì ló ń fowó ara rẹ̀ rà. Bí ayálégbé kejì bá gbé irú amúlétutù bẹ́ẹ̀ wọlé, ₦43,200 tún gun orí owó tókìn. Tó bá sún owó yàrá sókè, àwọn tí kì í lo iná púpọ̀ ló máa kọ́kọ́ kó jáde, àwọn onínàákúnàá iná á sì ṣẹ́kù sí i lọ́rùn. (Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n onísanwó yàtọ̀: bóo wo wákàtí kan tàbí ọgọ́rùn-ún, ìnáwó ẹni tó ń tà á kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyẹn tí iye kan lóṣù fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn.)

Lójú tèmi, kí onílé fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìjà tó máa ń tẹ̀lé e ni pé àròpọ̀ wọn kì í tó ti mítà ńlá. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń jalè: pọ́ǹpù omi 0.75 kílówáàtì tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí kan lójúmọ́ ń jẹ 22.5 yúnìtì lóṣù, iná ìta náà sì ń jẹ tirẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kí wọ́n pín dọ́gba. Kí wọ́n ka gbogbo mítà ní ìrọ̀lẹ́ kan náà. Bí ìyàtọ̀ bá ju ti pọ́ǹpù àti iná ìta lọ, kí yàrá kọ̀ọ̀kan pa gbogbo nǹkan rẹ̀, kí wọ́n pa tàwọn méjèèjì náà. Bí iná pupa ara mítà ńlá bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹnì kan ti fa wáyà kọjá mítà rẹ̀, tàbí kí wáyà kan ti bó.