Bí wọ́n ṣe ń to owó ẹ̀rọ àti dipirisiéṣọ̀n sínú bísínẹ́ẹ̀sì pláànù

Bísínẹ́ẹ̀sì tó máa ná owó ńlá sórí ẹ̀rọ kó tó ta ohunkóhun, ibi tí pláànù ẹ̀ sábà máa ń wọ́ sí ni tábìlì tó to àwọn ẹ̀rọ náà, ìgbà tí wọ́n máa rà wọ́n àti iye tí wọ́n á máa yọ lára owó wọn lọ́dọọdún. Yíyọ yẹn làwọn àkántáǹtì ń pè ní dipirisiéṣọ̀n.

Ká mú ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan n'Íbàdàn. Bohóòlù máa wà níbẹ̀, táǹkì, jẹnẹrétọ̀, mọ́tò tó ń gbé omi kiri, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró sórí ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá nìkan, torí bí tiẹ̀ ṣe rí náà ni tàwọn yòókù. (Owó tó wà níbí àpẹẹrẹ ni o, ẹ má gbé e lọ sọ́jà.)

Ẹ̀rọ méjì, ₦7,200,000. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá, ₦300,000. Ẹni tó gbé wọn kalẹ̀ tó sì so wáyà, ₦500,000. Àwọn kan á ju owó ọkọ̀ àti owó wáyà sínú ìnáwó oṣù yẹn, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Owó yòówù tó bá gbé ẹ̀rọ dé ibi tó ti lè ṣiṣẹ́, ara owó ẹ̀rọ ni, torí náà ₦8,000,000 la máa kọ. Dísù àti páàtì tí wọ́n á máa rà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀.

Ọjọ́ ló kàn, ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ wà. Wọ́n san dìpọ́síìtì ní March, wọ́n san èyí tó kù ní June tí ẹ̀rọ dé, wọ́n wá gbé e kalẹ̀ tán ní ìparí August. Tábìlì ìrajà máa kọ owó sí March àti June torí ìgbà yẹn lowó kúrò ní báńkì, ṣùgbọ́n dipirisiéṣọ̀n ò ní bẹ̀rẹ̀ títí di September, nígbà tí ẹ̀rọ ti dúró tó ti ṣetán láti ṣiṣẹ́. Ṣíṣetán la sì sọ o, kì í ṣe ìgbà tó ta ọ̀rá àkọ́kọ́, tó bá jókòó lásán ní September torí kò sí kọ́sítọ́mà, wọ́n á ṣì máa yọ ọ́.

Ká ní ọdún 5 la fún un, tí wọ́n sì lè rí ₦500,000 tí wọ́n bá tà á fáwọn tó ń ra ògbólógbòó ẹ̀rọ lẹ́yìn náà. ₦7,500,000 ló kù láti pín, ₦1,500,000 lọ́dún, ₦125,000 lóṣù. Ọdún àkọ́kọ́ máa gba oṣù 4 péré, ₦500,000. Ọdún kejì dé ìkarùn-ún, ₦1,500,000 kọ̀ọ̀kan. Ọdún kẹfà máa wá gba oṣù 8 tó kù, ₦1,000,000, ó sì parí ní August. Ṣé ẹ rí i, ọdún 5 ni ẹ̀rọ náà máa lò ṣùgbọ́n ó gba ìlà 6 nínú tábìlì. Tí pláànù bá yọ ₦1,500,000 odindi lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó kọ ọ́ ò wo kàlẹ́ńdà nìyẹn. Tí iye tó kù lórí ẹ̀rọ bá sì wálẹ̀ kọjá ₦500,000, ẹnì kan ti gbàgbé láti dá ìṣirò dúró.

Wàyí o, lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ₦8,000,000 ló jáde ní báńkì àmọ́ ₦500,000 péré ló bọ́ sára èrè. Lọ́dún kejì ó yí padà, ₦1,500,000 ń jẹ èrè kù, kọ́bọ̀ kan ò sì jáde torí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá dipirisiéṣọ̀n padà sórí èrè tí wọ́n bá ń ṣírò owó tó wà lọ́wọ́ gangan. Tí wọ́n bá yá owó ra ẹ̀rọ, owó tí wọ́n yá gan-an tí wọ́n ń san padà fún báńkì kì í wọnú ìnáwó, èlé nìkan ló ń wọ̀ ọ́, nítorí náà bísínẹ́ẹ̀sì lè jèrè lórí ìwé kó má sì rí owó ra dísù. Ti owó orí náà tún dá yàtọ̀: ní Nàìjíríà ìjọba kì í gba dipirisiéṣọ̀n yìí wọlé, wọ́n á dá a padà sórí èrè, wọ́n á wá fi ìyọkúrò tí òfin owó orí fúnra ẹ̀ là sílẹ̀ rọ́pò ẹ̀. Ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń fò ni ríra òmíràn. Lọ́dún kẹfà, ₦7,500,000 tí wọ́n ti yọ kò ní ra ẹ̀rọ méjì mọ́. Ní June 2023 tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye ẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ti kọjá ₦1,400 kí February 2024 tó parí, ẹ̀rọ tó ń tòkè òkun bọ̀ sì bá a lọ. Dipirisiéṣọ̀n ń pín owó àtijọ́ ni, kò mọ iye tọ́jà ń tà lónìí. Torí náà ìlà ríra òmíràn gbọ́dọ̀ ní iye tiẹ̀, tí wọ́n á fi iye tí wọ́n rò pé dọ́là máa jẹ́ nígbà náà ṣírò. Tí pláànù bá jẹ́ ọdún 5, ìlà yẹn á bọ́ sẹ́yìn ẹ̀ ní ọdún kan péré, àwọn kan á sì dùn pé kò hàn, ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n fún ní ọdún 4 máa ti béèrè tiẹ̀ kí pláànù náà tó parí.