Wọ́n Ti Gba Orúkọ Tó Wù Wá: Bí A Ṣe Ń Wá Èyí Tí Dòméènì àti Háńdù Yóò Jọ Gbà

Ká sọ pé obìnrin aládìrẹ kan ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo, fẹ́ máa fi adireosogbo tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a pé wọ́n ti gba adireosogbo.com, ẹlòmíì sì ti ń lo orúkọ náà lórí Instagram. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kéèyàn fi àmì pín in: adire-osogbo.com fún dòméènì, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́ẹ́bù, adire.osogbo fún háńdù, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń wá èèyàn, lórí Instagram, adire_osogbo fún ti X. Lójú ẹni tó ni ọjà, orúkọ kan náà ni. Lójú oníbàárà tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ojúlé mẹ́ta ni, ó sì rọrùn kó já sí ti ẹlòmíì.

Òfin ibi kọ̀ọ̀kan ló fa èyí. Dòméènì gba dáàṣì láàárín ọ̀rọ̀, kò gba ìlà ìsàlẹ̀. X gba ìlà ìsàlẹ̀, kò gba dáàṣì, kò sì gba àmì ìdánudúró. Instagram gba ìlà ìsàlẹ̀ àti àmì ìdánudúró, ṣùgbọ́n kò gba dáàṣì. Kò sí àmì kankan tó la gbogbo wọn kọjá. Ohun tí wọ́n jọ gbà kò ju lẹ́tà a dé z àti nọ́ńbà lọ. Ní ti gígùn, X ló há jù: lẹ́tà 15 péré. TikTok gba 24, Instagram gba 30, dòméènì sì gba 63 ṣáájú .com. Nítorí náà, òṣùwọ̀n X ni ká fi wọn orúkọ. adireosogboiluaro jẹ́ lẹ́tà 17. Kò lè wọlé síbẹ̀.

A lè fi ọ̀rọ̀ kún un níwájú, kó di aladireosogbo, lẹ́tà 13. Ó wọlé, àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará Òṣogbo mọ̀ dáadáa: àwọn kan ń kọ Osogbo, àwọn kan ṣì ń kọ Oshogbo bíi ti àtijọ́. Orúkọ tó bá ní ìlú yìí nínú máa ń fẹ́ ká ra méjèèjì, ká sì gba háńdù méjèèjì. Bí wọ́n bá ti gba ọ̀kan, kí a fi orúkọ ìlú sílẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé. Bí a bá so aró mọ́ Òṣogbo, a ó rí aroosogbo. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò lè kọ o kan ṣoṣo, arosogbo, kó má sì mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe. Fáwẹ̀lì kan náà kò gbọdọ̀ pàdé ara rẹ̀ níbi ìsopọ̀.

Oríkì ìlú ló yọ obìnrin wa: Òṣogbo ìlú aró. adireiluaro jẹ́ lẹ́tà 11, kò ní ṣ tí wọ́n ń kọ ní ọ̀nà méjì, e pàdé i, u pàdé a. Kó tó sanwó, kó pe èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan láìpè é ní lẹ́tà lẹ́tà, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́. Bí ìkọ wọn bá yàtọ̀ síra, kó wá òmíràn. Ìdánwò yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ṣé ó tọ́ ká dúró de adireosogbo.com? Ojúlé lookup.icann.org máa ń fi ọjọ́ tí owó .com máa parí hàn. Ṣùgbọ́n kì í bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ni ín lè ní tó ọjọ́ 45 láti sanwó, lẹ́yìn náà ọjọ́ 30 tó ṣì lè rà á padà lówó gọbọi, kó tó di ọjọ́ 5 ìpaárẹ́. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè ti gbé e lọ. Ti Instagram náà rí bẹ́ẹ̀: pé ẹni tó ni háńdù kò gbé nǹkan síbẹ̀ mọ́ kò ní kí wọ́n gbà á fún wa. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC kò yí èyí padà, nítorí orúkọ iṣẹ́ lọ́tọ̀, àmì òwò tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí a lè fi fẹjọ́ sun Instagram, lọ́tọ̀.

Bí .com nìkan ni wọ́n gbà, tí gbogbo háńdù ṣì wà, .com.ng tó wà lábẹ́ NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ .ng, lè ṣe é. Àmọ́ kí a kọ́kọ́ ṣí .com náà wò. Bí aláṣọ mìíràn bá wà níbẹ̀, ímeèlì oníbàárà tó gbàgbé .ng yóò máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ká yan orúkọ mìíràn.

Ìjókòó kan ni ká fi gba gbogbo rẹ̀: háńdù ọ̀fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, títí kan ibi tí a kò tíì ń lò, kí a sì san ti dòméènì lójú ẹsẹ̀. Ká wo iye tí a ó máa san lọ́dún kejì, torí ti ọdún àkọ́kọ́ sábà máa ń kéré. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ́bù ló bá wa rà á, orúkọ àti ímeèlì tiwa ni kó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.