Ife Kan, Ife Mẹ́fà: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹnu Kọ́ Òṣìṣẹ́ ní Pípo Jíìkì

Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, tí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí bírò àti ìwé? Ohun tí etí rẹ̀ bá gbà sílẹ̀ nìkan ló máa bá a dé ìdí iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìmọ́tótó wọ́ọ̀dù ló sì wà níkàáwọ́ mi. Nínú àwọn tí mo ń kọ́, àwọn ìyá tó ti tajà ní Sábó fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó gbaṣẹ́ nílé ìwòsàn pọ̀. Ẹni tó ń ná ọjà, tó ń ṣírò gbèsè ogún èèyàn lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe aláìnírántí. Bí irú wọn bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni pípo jíìkì tí a fi ń pa kòkòrò àrùn níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára rẹ̀, 0.5 la sì fẹ́. Bí ìwọ̀n jíìkì bá jẹ́ kan, tí omi jẹ́ mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ di méje. Ẹ pín 3.5 sí ọ̀nà méje, 0.5 lẹ máa bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 5 ni wọ́n kọ sára ìgò, ìwọ̀n omi á di mẹ́sàn-án. Alábòójútó ló yẹ kó ka ara ìgò, kó ṣírò rẹ̀ tán, kó tó la ẹnu. Iye ife nìkan ni kó dé etí ẹni tó máa po ó.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo sọ fún ìyá kan pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da jíìkì kan sí omi mẹ́fà." Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Mo bá tèmi lọ. Ìgbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti pò ó, wọ́n ti fi nu ilẹ̀. Mo béèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ife kékeré tí a fi ń fún aláìsàn lóògùn ni wọ́n fi bu jíìkì, abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fi bu omi. Jíìkì kan, omi mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tó tún ń dẹ́rù bà mí ni pé ojú kò lè dá a mọ̀: omi tí jíìkì inú rẹ̀ ò tó nǹkan àti èyí tó tó, bákan náà ni wọ́n rí nínú garawa. Ká ní mi ò béèrè ni, omi lásán la ò bá máa fi nu ẹ̀jẹ̀, ọkàn wa á sì balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi nọ́ńbà sílẹ̀ láìfún un ní ohun tí yóò máa gbé. Mo ra ife oníke kan, aláwọ̀ ewé, mo so ó mọ́ ọwọ́ garawa. Ọ̀rọ̀ mi wá di: "Ife tó wà lára garawa yìí, ẹ fi bu omi lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ife yìí kan náà, ẹ fi bu jíìkì lẹ́ẹ̀kan." Mo máa ń ní kí wọ́n kà á sókè bí wọ́n ṣe ń dà á, torí ẹni tó ń kà nínú, bí ẹnì kan bá kí i, ìkà rẹ̀ á dàrú. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí garawa kan ò tó, mi ò ní kí wọ́n fi ìlọ́po méjì pò ó. Kí wọ́n po ti àkọ́kọ́ tán, kí wọ́n tún òmíràn pò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà wa tó bá ti kọjá mẹ́wàá máa ń da etí láàmú: mẹ́rìnlá àti mẹ́rìndínlógún, ohun kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ariwo bá sì gba ìdajì ọ̀rọ̀ mọ́ létí, èyí tó bá wù ú ni yóò mú.

Ohun kan wà nínú èdè wa tó lè pààyàn nídìí iṣẹ́ yìí, èmi ò sì tètè fura sí i. Jíìkì àti ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bí wọ́n bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde lára wọn. Á máa ta èèyàn lójú, á máa fún un lọ́fun, ikọ́ á sì dé. Èmi náà a máa kìlọ̀ pé, "Ẹ má da ásíìdì sí i." Ẹ wá fetí sí èyí: "Ẹ máa da ásíìdì sí i." Gígùn fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló wà láàárín èèwọ̀ àti àṣẹ. Nínú yàrá tó parọ́rọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi aṣọ bo imú àti ẹnu, tí ẹ̀rọ amúnáwá ń dún lẹ́yìn fèrèsé, ńkọ́? Bí mo bá wá pariwo láti òkèèrè, ṣe ni mo máa fa "má" gùn kí wọ́n lè gbọ́ ọ, bó sì ṣe ń gùn sí i ló ń jọ "máa" sí i. Ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin kan yíjú sí mi tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí n dà á sí i àbí?" ni àyà mi já.

N kò fi "má" kìlọ̀ ewu fún òṣìṣẹ́ mọ́. "Kò gbọdọ̀" ni mo ń lò, torí kò jọ "máa" rárá. Mo tún máa ń fún ohun eléwu náà ní ibùgbé: "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ásíìdì ń gbé. Kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí a ti ń po jíìkì." Mo máa ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀ náà: kí wọ́n jáde kíákíá, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí wọ́n sì pè mí. Ìkìlọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tí a sọ fún pé "ẹ da jíìkì sí i" ti lè máa dà á lọ nígbà tí a bá ń sọ pé "ṣùgbọ́n kí ẹ tó dà á..." Bí ọwọ́ ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn ni kí ẹnu náà tẹ̀ lé e.

Iye ọ̀rọ̀ tí orí ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Ní 2001, Nelson Cowan, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé nǹkan bíi mẹ́rin ni ọkàn lè dì mú pa pọ̀ bí kò bá sí ohun tó ń ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ju mẹ́rin lọ dáadáa, nítorí náà mo pín in sí mẹ́ta: ìmúra, pípò, nínù. Mo máa ń sọ ọ̀kan, a ó ṣe é, kí n tó sọ èkejì. Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá tuntun kan láìpẹ́ yìí:

"Ìyá, nǹkan mẹ́ta la fẹ́ ṣe: ká múra, ká pò ó, ká nù ún. Ìmúra rèé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ fi àkísà bo ẹ̀jẹ̀ yẹn kó fà á mu, kí ẹ sì sọ àkísà náà sínú àpò ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù." Mo dákẹ́. Wọ́n ṣe é tán. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní gbólóhùn kan, pé bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, ó máa ń jẹ agbára jíìkì tán kó tó kan kòkòrò.

"Pípò ló kàn. Omi tútù ló ń ṣáájú, ife mẹ́fà. Jíìkì tẹ̀ lé e, ife kan." Omi ń ṣáájú kí ògidì jíìkì má baà ta sí wọn lójú.

"Ó ku nínù. Ẹ dà á síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà, kó rin dáadáa. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá nù ún."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni àwọn èèyàn máa ń bà jẹ́ jù. Ìṣẹ́jú méjì máa ń gùn lójú ẹni tó dúró tẹ mọ́ọ̀pù. Bí mo bá ní "ẹ dúró díẹ̀", kíá ni wọ́n ti nù ún, kòkòrò ò tíì kú. Nítorí náà mo máa ń nawọ́ sí aago ara ògiri: "Ọ̀pá gígùn yẹn wà lórí méjì báyìí. Tó bá dé orí mẹ́rin, ẹ nù ún." Ibi tí kò bá sí aago, fóònù wọn ni mo máa ń bá wọn ṣètò kó dún.

Bí mo bá rán wọn lọ mú jíìkì ní sítọ̀, "ó wà níbẹ̀ yẹn" kò wúlò, "apá ọ̀tún" nìkan náà ò sì tó, torí bí mo bá kọjú sí wọn, ọ̀tún mi ni òsì wọn. Ara ẹni tó ń lọ ni mo fi ń júwe: "Bí ẹ bá wọlé tí ẹ kọjú sí fèrèsé, pẹpẹ ọwọ́ ọ̀tún yín, èyí tó bá ìbàdí yín dọ́gba."

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, mi ò kì í béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Ọmọdé á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" nítorí ọ̀wọ̀, àgbà á ní ó yé òun nítorí iyì, mi ò sì ní mọ nǹkan kan. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ, mi ò tún lè máa dán an wò bí ọmọ iléèwé. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ìyá, ẹ má bínú, mo máa ń gbàgbé nǹkan tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ padà, kí n mọ̀ bóyá mo sọ ọ́ pé." Ìyá tuntun yẹn sọ gbogbo rẹ̀ padà, àfi ohun kan: wọ́n ní èyí tó bá ṣẹ́kù, àwọn á dé e pa fún ọjọ́ mìíràn. Èmi ni mi ò sọ ọ́. Èyí tí a bá pò láàárọ̀ yìí, a ó dà á nù tó bá di àárọ̀ ọ̀la, torí agbára rẹ̀ ń dínkù. Mo fi kún un lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì tún un sọ.

Lọ́jọ́ kẹta, òṣìṣẹ́ mìíràn dé. Mo ní kí ìyá náà kọ́ ọ, mo sì jókòó sẹ́yìn tábìlì, mo ń gbọ́. Wọ́n tú ife aláwọ̀ ewé kúrò lára garawa, wọ́n fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ nọ́ńbà kankan.