Kí ló pọ́n nínú àwòrán ọpọlọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo rí àwòrán ọpọlọ kan lórí fóònù. Wọ́n ní ibi tó pọ́n nínú rẹ̀ ni ìfẹ́ ìlú ẹni wà, pé ẹ̀rọ fMRI ló rí i. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń rí èrò ọkàn? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Bódìjà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Kò rí i, àbúrò. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Kò sì sí ohun tó pọ́n nínú orí ẹni náà. Kọ̀ǹpútà ló kun ún lẹ́yìn tó ti ṣe ìṣirò tán.

Hẹmoglóbíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri. Èyí tó ti já ọ́síjìn tirẹ̀ sílẹ̀ máa ń da agbára òòfà àyíká rẹ̀ rú díẹ̀, àmì tí ẹ̀rọ ń gbà láti ara omi inú ọpọlọ á sì tètè ṣá. Èyí tó ṣì gbé ọ́síjìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Seiji Ogawa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn lára eku ní 1990, àmì náà ni wọ́n sì ń pè ní BOLD.

Ìwọ náà lè rò pé ibi tó ń ṣiṣẹ́ á jẹ ọ́síjìn tán, kí àmì rẹ̀ wálẹ̀. Òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ wá máa ń pọ̀ ju ohun tí ibẹ̀ nílò lọ. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó gbé odindi ìkòkò àmàlà síwájú ẹni mẹ́ta: wọ́n jẹun lóòótọ́, síbẹ̀ oúnjẹ tó wà nílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àmì á wá gòkè, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́: nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́fà kó tó dé téńté. Gígòkè ọ̀hún kéré pẹ̀lú. Bí àmì bá wà ní 1000 nígbà ìsinmi, ó lè di 1010 péré. Bí ẹni náà bá mi orí, ìyàtọ̀ tó ju ìyẹn lọ lè jáde.

Ìyẹn ni kò fi sí ẹni tó lè wo 1010 nìkan kó ní òun rí nǹkan. Ipò méjì ni wọ́n ń fi wéra. Ká ní a gbé ọmọ Ìbàdàn kan sínú ẹ̀rọ, a sì ń kì í ní "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé." Bí a bá fi àkókò oríkì wé àkókò tí a kò sọ nǹkan kan, ibi tí ọpọlọ fi ń gbọ́ràn ló máa kọ́kọ́ pọ́n, ìró lásán sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. (Àìsọ̀rọ̀ yìí gan-an kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́, nítorí ẹ̀rọ náà ń lù gbàgbàgbà.) Bí a bá fi oríkì kan náà wé gbígbà sílẹ̀ rẹ̀ tí a yí sẹ́yìn, ìró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ibi tó jẹ mọ́ èdè ni yóò hàn. Bí a bá fi í wé oríkì ìlú mìíràn, ó lè ṣẹ́ ku ohun tó jẹ mọ́ mímọ̀-ọ́n-lára. Orí kan náà, oríkì kan náà, àwòrán pupa mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí èyí tí a lè pè ní ìfẹ́ ìlú nínú wọn, torí ibi kan ṣoṣo nínú ọpọlọ lè máa ṣiṣẹ́ nígbà ìrora, nígbà ìríra àti nígbà tí ọkàn bá ń lù kìkì.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ìṣirò ló kun ún, ṣé kò yẹ kó dájú nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹja sámọ́nù kan ti dáhùn èyí. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òkú ẹja sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi fọ́tò àwọn ènìyàn hàn án, wọ́n sì ní kó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára wọn. Ẹ̀rọ náà máa ń pín àwòrán sí ègé kéékèèké tí a ń pè ní ojú àmì: 16 nínú 8064 wọn "ṣiṣẹ́."

Òdiwọ̀n tí wọ́n lò ni p < 0.001, ìyẹn ni pé bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú 1000 ni irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ á ṣèèṣì wáyé. Ó dà bíi pé ó le, àbí? Ṣùgbọ́n ìgbà 8064 ni wọ́n bi ìbéèrè náà, lẹ́ẹ̀kan lórí ojú àmì kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi mẹ́jọ á ti ṣèèṣì yege, wọ́n sì máa ń kó jọ síbi kan, nítorí ojú àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í dá dúró. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe ìṣirò fún iye ìgbà tí wọ́n bi í, ojú àmì kankan ò ṣẹ́ kù lára ẹja náà. Nítorí náà, wá ọ̀rọ̀ àtúnṣe yìí lábẹ́ àwòrán kí o tó gba ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àtúnṣe yìí náà ní owó tó ń gbà. Bí òdiwọ̀n bá ti le tó, ibi tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré, àní tó jẹ́ òótọ́, lè má pọ́n mọ́. Ibi tó ṣì ní àwọ̀ eérú lórí àwòrán kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ sùn. Ohun tó sọ kò ju pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó òdiwọ̀n tí ẹni tó ṣe ìwádìí fi lélẹ̀.