Kí ni yíyẹ àdéhùn iṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti buwọ́ lùwé?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù, ni àbúrò mi kan buwọ́ lu lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. 350,000 náírà ni owó oṣù rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni yóò sì wọṣẹ́. Nígbà tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ti lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbẹ̀ tipẹ́ pè é pé àwọn á máa san 520,000. Ó sáré wá bá mi. "Bọ̀dá mi, mo ti buwọ́ lùwé o. Ṣé wọn ò ní pè mí lẹ́jọ́?"

Ẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti kọ̀wé pé "a gbà ọ́", tí ìwọ náà sì buwọ́ lù ú, àdéhùn tí òfin mọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé o kò tíì fẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì wọn. Ẹni tó bá yí padà lẹ́yìn náà ti yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kì í fipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ fún. Owó nìkan ni ilé-iṣẹ́ lè béèrè, kì í sì í sábà ju owó ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tí lẹ́tà náà ní kí o fi ṣáájú sọ fún wọn kí o tó lọ.

Nítorí náà, lẹ́tà yẹn gan-an ni mo ní kó gbé wá. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ lè fi ọjọ́ kan péré sọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn ń bá wí. Ọ̀gá, oníṣirò owó àti irú wọn, ohun tó wà nínú lẹ́tà wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà àbúrò mi ní kó fi sọ tẹ́lẹ̀ láàárín àkókò ìdánwò. Lọ́yà lè jiyàn pé ọ̀sẹ̀ méjì náà kò lè bẹ̀rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ilé-iṣẹ́ tó ná owó lọ́yà nítorí ẹni tí kò tíì gba owó oṣù kan. Ohun tó ká mi lára ni gbólóhùn kan nísàlẹ̀: 150,000 tí wọ́n ti san fún un láti kó ẹrù wá láti Ìbàdàn, yóò dá a padà bí kò bá wá. Irú owó bẹ́ẹ̀, tàbí owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ni wọ́n máa ń bínú béèrè.

Mo ní kó má sọ ohunkóhun títí lẹ́tà kejì yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe iṣẹ́. Lẹ́tà náà dé ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún, àbúrò mi sì pe ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kíákíá yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ilé-iṣẹ́ máa ń ní ẹnì kejì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá tètè gbọ́, wọ́n ṣì lè bá onítọ̀hún kó tó rí ibòmíràn. Ẹni tó dúró di ọjọ́ tó yẹ kó wọṣẹ́ kó tó pa fóònù, òun ni wọn kì í gbàgbé.

Ọ̀gá tí ìbá bá ṣiṣẹ́ ló pè, kì í ṣe ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan. Kò sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kejì, kò sọ iye owó, nítorí ẹni tó bá sọ ọ́ ti ṣílẹ̀kùn ìdúnàádúrà. Kò purọ́ àìsàn, LinkedIn á tú u fó láàárín oṣù kan. Lẹ́yìn ìpè, ó kọ ímeèlì yìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lórí fóònù, n kò ní lè wọṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní mọ́. Mo mọ̀ pé mo ti buwọ́ lùwé, mo sì tọrọ àforíjì. Màá dá 150,000 náírà owó ìkẹ́rù padà ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ rí i gbà."

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ló mú un débẹ̀ ni, onítọ̀hún náà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ kan náà, nítorí òun ni wọ́n máa ní kó wá ẹlòmíràn.

Ọ̀gá náà dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Ó dùn mí, ṣùgbọ́n o ṣeun tí o pè." Wọ́n fi rìsíìtì owó ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bóyá wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń kọ àwọn tí wọn ò ní gbà mọ́, a ò lè mọ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ènìyàn rọra sọ ọ́ tó.